Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÈLÓ NI ỌJÀ ÒKÈ-ÒKUN YÓÒ JẸ́ NÍGBÀ TÓ BÁ DÉ ÌSỌ̀ WA?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó owó jọ láti ra ọjà láti òkè-òkun ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Kí ẹ fi bírò àti ìwé sí tòsí, nítorí ìṣirò ni a fẹ́ ṣe.

Iye tí ọlọ́jà kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún kọ́ ni iye tí ọjà jẹ́. Iye tí ọjà jẹ́ gan-an ni gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ wa, láti ọjọ́ tí a ti kọ́kọ́ sanwó títí di ìgbà tí a bá gbé páálí tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀, tí a sì wá pín in sórí iye ọjà tó dé láìfọ́. Èyí ni a ó máa pè ní iye ìdélé. Ẹni tí kò bá mọ iye ìdélé ọjà rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá èrè ni òun ń jẹ tàbí owó ara rẹ̀ ni òun ń jẹ.

Ọjà kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a fẹ́ ra fúláàsì omi gbígbóná 600 láti Ṣáínà, èyí tí àwọn èèyàn máa ń pín níbi ayẹyẹ. Ọlọ́jà ní dọ́là 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń kó 12 sínú páálí kan, nítorí náà páálí 50 ni gbogbo rẹ̀. Owó ọjà jẹ́ dọ́là 3,000. Àwọn iye tí a ó lò fún dọ́là, ọkọ̀ àti àjẹ́ǹtì, a kàn mú wọn fún ìṣirò ni, kì í ṣe iye ọjà òní. Ẹ ó fi èyí tí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra ọjà rọ́pò wọn.

Kí a tó na kọ́bọ̀

Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè kí a tó fi owó sílẹ̀. Èkíní, ṣé ìjọba gbà kí ọjà náà wọlé? Ọjà wà tí wọ́n fi òfin dè, bí aṣọ òkìrìkà. Kò sí ìṣirò tó lè mú èrè jáde lára ọjà tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé ní ibodè. Ẹ sì béèrè bóyá ọjà náà nílò ìwé ẹ̀rí àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà nílẹ̀ wa, nítorí owó ni wọ́n fi ń gba ìwé ọ̀hún, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò.

Èkejì, ibo ni iye tí ọlọ́jà dá lé wa parí sí? Bí ó bá kọ FOB síwájú iye náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ni yóò gbé ọjà dé èbúté tirẹ̀, tí yóò sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá jẹ́ iye ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni, àwa ni yóò san owó mọ́tò láti ibẹ̀ dé èbúté àti owó ìwé ìjáde lọ́hùn-ún. Ọlọ́jà méjì lè pe dọ́là 5 àti dọ́là 4.80, kó sì jẹ́ pé ti ẹni tó pe 4.80 ló wọ́n jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, dọ́là 5 yìí jẹ́ FOB.

Ẹ̀kẹta, báwo ni páálí kan ṣe gùn, ṣe fẹ̀, ṣe ga, báwo ló sì ṣe wúwo? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ọkọ̀ fi ara pamọ́ sí.

Ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi ń gba owó

Àwọn ọlọ́kọ̀ kì í wo bí ẹrù ṣe wúwo nìkan, wọ́n ń wo àyè tí ó gbà pẹ̀lú. Àpò òwú kan kò wúwo, ṣùgbọ́n àyè tí ó gbà kò kéré. Nítorí náà wọ́n máa ń ṣe ìwọ̀n méjì, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọn yóò sì fi gba owó.

Páálí fúláàsì wa gùn ní sẹ̀ńtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó ga ní 40. Lórí òṣùwọ̀n, kílò 9 ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n á fi gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga, wọ́n á pín in sí 6000, èyí tó bá jáde ni wọ́n á pè ní kílò:

60 × 50 × 40 = 120,000
120,000 ÷ 6000 = 20

Páálí tó jẹ́ kílò 9 lórí òṣùwọ̀n ti di kílò 20 nínú ìwé wọn. Páálí 50 di kílò 1,000, bẹ́ẹ̀ kílò 450 péré ni ìwúwo wọn. Bí wọ́n bá ń gba dọ́là 7 lórí kílò kan, owó ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 7,000 fún ọjà dọ́là 3,000. Àwọn tó ń gbé ẹrù kékeré kíákíá dé ẹnu ọ̀nà máa ń fi 5000 pín in dípò 6000, tiwọn á sì tún wọ́n sí i. Ẹ rí i pé fúláàsì kì í ṣe ẹrù ọkọ̀ òfuurufú rárá.

Ó di ọkọ̀ ojú omi. Níbẹ̀, àyè tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga ni wọ́n fi ń ka owó fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò kún kọ̀ǹténà. Ẹ jẹ́ kí a pe àyè yìí ní mítà onígun. Wọ́n ka mítà onígun kan sí ìwúwo kílò 1,000, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Páálí wa kan jẹ́:

0.60 × 0.50 × 0.40 = 0.12

Páálí 50 jẹ́ mítà onígun 6. Ìwúwo wọn kò tó kílò 500, nítorí náà àyè ló pọ̀ jù, 6 ni wọn yóò kà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́là 160, owó ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 960.

Ohun kan wà tó yẹ kí a kíyè sí níhìn-ín. Bí ọlọ́jà bá lè fi ike tó ń gba àyè sílẹ̀, tí páálí sì ga ní 35 dípò 40, àyè gbogbo rẹ̀ yóò di mítà onígun 5.25. Dọ́là 120 ti kúrò nínú owó ọkọ̀ nìyẹn láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́ kí ó dín owó ọjà kù. Ṣùgbọ́n fúláàsì tí inú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì kò fẹ́ kí a fún un pọ̀ jù, nítorí èyí tó bá fọ́ yóò gba owó náà padà lọ́wọ́ wa.

Owó ibodè: 20 kì í dúró ní 20

Láti ọdún 2015 ni orílẹ̀-èdè wa ti ń lo ìwé owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ECOWAS. Ìpín márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú 100. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yìí ló sì ń sọ ìpín tí ó bọ́ sí. Abẹ́ 9617 ni fúláàsì wà. Ìpín 20 ni ti ọ̀pọ̀ ọjà tí à ń rà láti lò nílé, òun náà ni a ó fi ṣe ìṣirò wa. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọjà gan-an jẹ́ kí àjẹ́ǹtì fi nọ́ńbà ọjà náà hàn án nínú ìwé, kí ó má gba ti ẹnu.

Kì í ṣe orí owó ọjà nìkan ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣírò. Wọ́n á da owó ọjà, owó ìnṣọ́ránsì àti owó ọkọ̀ pọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CIF. Bí ìnṣọ́ránsì wa bá jẹ́ dọ́là 40:

3,000 + 960 + 40 = 4,000

CIF wa jẹ́ dọ́là 4,000. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ka dọ́là kan sí ₦1,500, ó di ₦6,000,000. Ẹ jẹ́ kí a wá tò ó ní ìlà-ìlà.

Owó ibodè gan-an, 20 nínú 100 lórí CIF, jẹ́ ₦1,200,000. Àfikún kan wà tó jẹ́ 7 nínú 100. Orí owó ibodè ni wọ́n ń gbé e lé, kì í ṣe orí ọjà, ó sì jẹ́ ₦84,000. Èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé pé CISS jẹ́ 1 nínú 100 lórí FOB. FOB wa jẹ́ ₦4,500,000, nítorí náà ó jẹ́ ₦45,000. Ti àjọ ECOWAS, tí wọ́n ń kọ ní ETLS, jẹ́ ààbọ̀ nínú 100 lórí CIF, èyí sì jẹ́ ₦30,000.

Lẹ́yìn èyí ni VAT tó wà ní 7.5 nínú 100 láti ọdún 2020. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o: orí CIF pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yìí ni wọ́n ń gbé e lé. Owó-orí lórí owó-orí ni.

6,000,000 + 1,200,000 + 84,000 + 45,000 + 30,000 = 7,359,000
7,359,000 × 7.5 ÷ 100 = 551,925

Bí a bá da gbogbo owó tó lọ sí ibodè pọ̀, ó jẹ́ ₦1,910,925. Ẹ fi wé CIF wa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 nínú 100. Ẹni tó gbọ́ 20 tó sì fi 20 ṣe ìṣirò ti fi ohun tó lé ní ₦700,000 sílẹ̀ láìkà.

Ìlà CISS yìí ni kí ẹ máa béèrè léraléra. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọdún 2023 mú owó tuntun kan wá, 4 nínú 100 lórí FOB. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n tún dá a dúró. Bí 4 bá rọ́pò 1 nínú ìṣirò wa, ₦45,000 á di ₦180,000, VAT náà á sì gbéra díẹ̀. Nítorí náà, kí a tó gba iye lọ́wọ́ àjẹ́ǹtì, kí a bi í pé: èwo ni wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Dọ́là méjì ló wà nínú ọjà kan

Èyí máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Dọ́là tí a fi sanwó fún ọlọ́jà ní iye tirẹ̀, dọ́là tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò sì ní iye tirẹ̀. Bí a bá rà á ní ₦1,550, tí kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń ka tiwọn sí ₦1,500, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dọ́là 4,000 tó jáde lọ́wọ́ wa jẹ́ ₦6,200,000, kì í ṣe ₦6,000,000 tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Iye ti kọ́sítọ́ọ̀mù náà lè yí padà nígbà tí ẹrù bá wà lójú omi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ó fò láti nǹkan bí ₦422 sí nǹkan bí ₦589 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹrù CIF dọ́là 4,000 bíi tiwa bá wà lọ́nà lọ́jọ́ náà, owó tó lé ní ₦200,000 ló gun orí ohun tó ti ṣírò fún ibodè. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, báńkì àgbà ilẹ̀ wa kọ ìwé jáde pé iye tí dọ́là wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ṣí Fọ́ọ̀mù M ni kí wọ́n máa fi ṣírò owó ibodè títí ẹrù náà á fi jáde. Fọ́ọ̀mù M ni ìwé tí à ń ṣí ní báńkì kí ọjà tó gbéra lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ọjọ́ tí a ṣí i ṣe pàtàkì. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì kọ iye dọ́là ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bá dé pẹ̀lú iye mìíràn, a ó ní ohun tí a ó fi béèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò dáàbò bo dọ́là tí àwa fúnra wa ṣì ń lọ rà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń gba 30 nínú 100 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á sì gba ìyókù nígbà tí ọjà bá ṣe tán. Nínú àpẹẹrẹ wa, a san dọ́là 900 lákọ̀ọ́kọ́. Ó ku dọ́là 2,100 ti ọjà àti dọ́là 1,000 ti ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì, ìyẹn 3,100. Bí dọ́là bá kúrò ní ₦1,550 lọ sí ₦1,700 láàárín ìgbà náà, ₦465,000 ló gorí ọjà wa. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi owó àkọ́kọ́ sílẹ̀: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dọ́là tòní, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dọ́là tó fi 10 nínú 100 wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjà náà kò bá lè mú èrè wá nínú ìṣirò kejì, kò tíì yẹ ní rírà.

Owó àjẹ́ǹtì àti owó wáàfù

Àjẹ́ǹtì tó ń bá wa gba ẹrù jáde ní Àpápá tàbí Tíńkánì máa ń fẹ́ pe iye kan ṣoṣo: “Ẹ mú mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ wá, ẹrù yín á jáde.” Ẹ má ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríṣi owó mẹ́rin ló wà nínú ohun tó pè, kí ó sì kọ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti ìjọba ni èkíní, èyí tí a ti ṣírò. Báńkì ni a ń san án sí, ìwé ìṣirò rẹ̀ sì máa ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú orúkọ wa. Ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti àwọn tó tú kọ̀ǹténà ni èkejì, kí wọ́n tó fún wa ní ìwé àṣẹ láti gbé ẹrù. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí ₦180,000. Ti àwọn tó ni ọgbà ẹrù ní wáàfù ni ẹ̀kẹta, ₦150,000. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. Iṣẹ́ ọwọ́ àjẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin, ₦150,000, pẹ̀lú ₦60,000 fún ìwé kíkọ àti àwọn tó ń gbé páálí nígbà àyẹ̀wò. Àpapọ̀ mẹ́ta ìkẹyìn yìí jẹ́ ₦540,000.

Ẹ̀rí wà láti mọ àjẹ́ǹtì tó ń fi owó ibodè bo owó tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti ń sọ pé ìwé ìṣirò kọ́sítọ́ọ̀mù “ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá”, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gba owó, ẹ dá owó dúró. Ìwé ìṣirò ló ń ṣáájú owó, owó kì í ṣáájú rẹ̀.

Àwọn tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan tún wà, tí wọ́n ń pe iye kan lórí mítà onígun kan, tí wọ́n sì ní owó ibodè wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn, ó sì lè dín wàhálà kù fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kò ní sí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lórúkọ wa. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé kọ̀ǹténà nítorí ẹrù ẹlòmíràn, tiwa náà á dúró níbẹ̀.

Ọjọ́ náà ń jẹ owó. Ọgbà ẹrù máa ń fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà owó ojoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦12,000 lójúmọ́, tí ẹrù wa sì lo ọjọ́ 10 lé, ₦120,000 ti lọ. Ohun tó sì máa ń fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ jù ni ìwé ọjà tí a dín owó inú rẹ̀ kù. Àwọn kan máa ń ní kí ọlọ́jà kọ dọ́là 1,800 dípò 3,000. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní àkọsílẹ̀ iye tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń wọlé. Wọ́n á gbé iye náà padà sókè, wọ́n á ní kí a san ìyókù, ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá sì dà ẹrù nù, orí 1,800 tí a kọ ni ìnṣọ́ránsì yóò ti sanwó fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀

Ọjà, ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì ní ₦1,550: ₦6,200,000
Owó iṣẹ́ báńkì: ₦60,000
Gbogbo owó ibodè: ₦1,910,925
Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, wáàfù àti àjẹ́ǹtì: ₦540,000
Mọ́tò láti Èkó dé Ìbàdàn àti àwọn alábàárù: ₦220,000
Àpapọ̀: ₦8,930,925

Ẹ má ì tíì pín in sí 600. Fúláàsì máa ń fọ́ lọ́nà. Bí 2 nínú 100 bá fọ́, 12 nìyẹn, ó ku 588. Bí a bá pín in sí 588, iye ìdélé fúláàsì kan jẹ́ nǹkan bí ₦15,189.

Ẹ ráńtí pé dọ́là 5 ni ọlọ́jà pè é, ìyẹn ₦7,750 lójú ẹni tó yára ṣírò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá ń ta irú rẹ̀ ní ₦15,000 lọ́jà, kò sí ìdí láti rà á. Bí wọ́n bá ń tà á ní ₦18,000, èrè wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ₦2,800 náà ni èrè. Ẹni tó yá ₦6,000,000 ní 1 nínú 100 lóṣù, tí owó náà sì lo oṣù mẹ́rin kí ọjà tó tà, ₦240,000 ni èlé rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ₦408 lórí fúláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí dọ́là bá tún gbéra bí a ti sọ, ó tún jẹ nǹkan bí ₦791. Èrè ₦2,800 ti di ₦1,600 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan kan.

Bí a bá da ẹrù pọ̀, báwo ni a ṣe ń pín owó?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó bá jọ ra ọjà. Ká ní ẹnìkan ra fúláàsì wa yìí, mítà onígun 6, ẹnìkejì sì ra sísọ́ọ̀sì àwọn télọ̀, mítà onígun kan tó wúwo ní kílò 600. Owó ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ 7 lọ́nà dọ́là 160, ìyẹn dọ́là 1,120. Bí wọ́n bá pín in lọ́gbọọgba, oníkálukú á san dọ́là 560. Oní-sísọ́ọ̀sì, tó yẹ kó san dọ́là 160, ti bá oní-fúláàsì san dọ́là 400.

Ohun tó tọ́ ni pé kí a pín owó kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á. Owó ọkọ̀, owó wáàfù àti owó mọ́tò, ẹ fi àyè tí ẹrù oníkálukú gbà pín wọn. Owó ibodè, ẹ ṣírò rẹ̀ lórí CIF àti ìpín ọjà oníkálukú, nítorí ìpín ọjà kan lè jẹ́ 20, kí ti èkejì jẹ́ 5 tàbí 10. Iṣẹ́ àjẹ́ǹtì nìkan ni ẹ lè pín dọ́gba, bí ìwé kan ṣoṣo ló fi gba ẹrù méjèèjì jáde. Kí gbogbo èyí sì wà ní kíkọ, kí oníkálukú fọwọ́ sí i, kí owó tó kúrò nílẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yá owó fún ọjà òkè-òkun, kí ó mú ohun mẹ́rin wá sí ọ́fíìsì wa: ìwé iye ọjà tó sọ bóyá FOB ni, ìwọ̀n páálí kan àti ìwúwo rẹ̀, nọ́ńbà ọjà nínú ìwé owó ibodè, àti ìwé àjẹ́ǹtì tó to owó rẹ̀ ní ìlà-ìlà. A ó jókòó tì í, a ó sì jọ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ṣe níhìn-ín. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó di oṣù tó ń bọ̀.